Kí Fóònù Yín Tó Di Ti Ẹlòmíràn

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ta fóònù mi àtijọ́. Kí n tó jẹun òwúrọ̀ Sátidé tán, wọ́n ti gbé e padà wá bá mi.

Ọmọbìnrin tó rà á ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nítòsí ilé-àpapọ̀ Jákáńdè ní Òkè-Àfà. Ọ̀gá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó sì na fóònù náà sí mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí mo ti tàn án lánàá ló ti ń sọ pé kí n lọ mú ẹni tó ni òun wá."

Mo gba fóònù náà, mo sì ka ohun tó wà lójú rẹ̀: "This device was reset. To continue, sign in with a Google Account that was previously synced on this device." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá fi àkáǹtì Google tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé. Èmi ni mo ni àkáǹtì náà. Ọmọbìnrin yìí sì ti san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà fún ohun tí kò lè lò.

Ọ̀gá rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín?" Ó yé mi yékéyéké. Ní Èkó, fóònù tí ẹni tó tà á kò bá lè ṣí, jíjí ni aráyé ń pè é. Rìsíìtì ti sọnù, ṣùgbọ́n páálí fóònù ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé e wá, a tẹ *#06# níbi ìpè pàjáwìrì, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jáde sì bá èyí tó wà lára páálí mu. Ojú obìnrin náà rọ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, fóònù kò tíì ṣí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù náà rẹ́ kí n tó tà á. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo rò pé pípa rẹ́ nìkan ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Bọ́tìnì méjì tó kó mi sí wàhálà

Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ fọ́mátì fóònù dé gbòǹgbò, kí n pa á, kí n wá tẹ bọ́tìnì ìtanná àti ti ohùn mọ́lẹ̀ pọ̀ títí tí ojúewé dúdú kan yóò fi jáde, kí n sì yan "Wipe data/factory reset". Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwòrán lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Mo rò pé mo ti ṣe é parí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé láti ìgbà Áńdírọ́ìdì 5.1, tó jáde ní ọdún 2015, ni Google ti fi ààbò kan sínú fóònù nítorí àwọn olè. Bí ẹ bá ti fi àkáǹtì Google sórí fóònù, tí ẹ sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tàbí ìka ọwọ́ ti ojú rẹ̀, fóònù náà yóò fi àmì àkáǹtì yín pamọ́ sí ibì kan tí fífọ́mátì kì í dé. Bí ẹnìkan bá wá fi bọ́tìnì pa gbogbo nǹkan rẹ́, fóònù kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni tàbí ẹni tó já a gbà lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tó bá jí, yóò bèèrè ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba inú Settings wọlé láti fọ́mátì, fóònù yóò kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò sì tú ààbò náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìka tó tọ́ símú là ń fi í rọmú. Ọ̀nà bọ́tìnì wà fún fóònù tó ti dákú tí kò lè ṣí mọ́. Fóònù tí ẹ fẹ́ tà, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, inú Settings ni kí ẹ gbà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín yọ àkáǹtì yín kúrò.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún

Ẹ ó ní, "Ṣebí kí o kàn fi àkáǹtì rẹ wọlé ni." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́rin tí mo fi lo fóònù náà, òun ló ń bá mi rántí pásíwọ́ọ̀dù mi. Ọjọ́ tí mo ra tuntun, mo ṣí àdírẹ́sì ímeèlì mìíràn, mo sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. N kò rántí ohunkóhun mọ́.

Mo lo fóònù tuntun láti yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà. Síìmù mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà nọ́ńbà ìdánilójú tí Google fi ránṣẹ́ wọlé sí i. Mo wá tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun náà sórí fóònù àtijọ́. Ó kọ̀ ọ́. Mo tún un tẹ̀. Ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ti bá irú rẹ̀ pàdé yóò mọ̀ pé kì í ṣe àṣìtẹ̀: bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ó lè gba wákàtí mẹ́rìnlélógún kí fóònù tí ààbò yìí ti tì tó gbà á. Olè tó bá rí síìmù yín gbà pẹ̀lú fóònù ni ìdádúró náà wà fún. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà lónìí kí ẹ sì fọ́mátì lónìí kan náà.

Atúnfóònùṣe kan ní àdúgbò ní kí a san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, òun yóò bá wa fò ó kọjá. Ẹlòmíràn ní kí n kọ pásíwọ́ọ̀dù mi sórí bébà fún ọ̀gá náà, kí wọ́n máa gbé e lọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Mo kọ méjèèjì. Àkáǹtì Google kan ṣoṣo ni ímeèlì mi wà, ímeèlì náà sì ni gbogbo àkáǹtì mi yòókù, títí kan ti báńkì, ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè fi í gba èyí tó kù. Mo dá owó ọmọbìnrin náà padà fún un, mo ní kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀, kí wọ́n padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ní ọjọ́ Àìkú, pásíwọ́ọ̀dù tuntun náà wọlé. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ Ẹtì.

Kí ni fọ́mátì ń ṣe gan-an?

Kí n tó to ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ọ̀gá yẹn bi mí tó yẹ kí n dáhùn. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé kò sí bí èèyàn ṣe lè fọ́mátì fóònù tó, àwọn kan lè fa àwòrán rẹ̀ jáde padà. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni nígbà kan. Ní ọdún 2015, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Yunifásítì Kémbíríìjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Laurent Simon àti Ross Anderson, ra fóònù àlòkù mọ́kànlélógún tó ń lo Áńdírọ́ìdì 2.3 títí dé 4.3. Wọ́n fọ́mátì wọn, wọ́n sì wá a wò bóyá ohunkóhun kù. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn bára wọn sọ, nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀, àti ohun tó burú ju ìyẹn lọ: àmì ìwọlé tí fóònù fi ń bá Google sọ̀rọ̀ láìbèèrè pásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n dá irú àmì bẹ́ẹ̀ padà sórí fóònù kan, ímeèlì àti nọ́ńbà ojúlùmọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fọ́mátì ayé ìgbà náà dà bí ìgbà tí ènìyàn ya ojúewé àtòjọ kúrò níwájú ìwé, tí àwọn orí ìwé náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó yí padà ni àdììtú. Fóònù òde òní kì í kọ àwòrán yín sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó ń kọ ọ́ ní àdììtú tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lè tú, inú fóònù náà sì ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń gbé. Bí ẹ bá fọ́mátì, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni fóònù ń pa run. Bí ẹnìkan bá wá rí àjákù àwòrán yín fà jáde, ariwo lásán ni yóò bá. Láti ìgbà Áńdírọ́ìdì 6, tó jáde ní ọdún 2015, ni Google ti ń béèrè èyí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fóònù tuntun tó lágbára tó. Nígbà tó fi di Áńdírọ́ìdì 10 ní ọdún 2019, ó ti di dandan fún gbogbo fóònù tuntun.

Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ orí fóònù yín. Ẹ wọ inú Settings, ẹ lọ sí "About phone", ẹ ó rí "Android version" níbẹ̀. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá wà láàárín 6 sí 9, ẹ lọ sí ibi ààbò, ní "Encryption & credentials", kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "Encrypted" síbẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè ní kí fóònù fi àdììtú kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọ́mátì. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu iná. Fóònù tó dàgbà ju ìyẹn lọ, tí báńkì yín àti àwòrán ilé yín ti wà lórí rẹ̀ rí, owó tí ẹ ó rí níbẹ̀ kò tó ohun tí ẹ fi ń tafà.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó yẹ

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe ló ń pinnu bóyá èyí tó tẹ̀ lé e yóò ṣeé ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fi àkáǹtì Google yín kan náà wọlé sórí fóònù tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìdí ni pé Google sábà máa ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí fóònù àtijọ́ pé kí ẹ tẹ "Yes" láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ń wọlé. Bí ẹ bá ti fọ́mátì rẹ̀ ṣáájú, kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Orí fóònù tuntun yìí náà ni kí ẹ ti yẹ ẹrù yín wò: ṣé àwòrán ti dé, ṣé nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín pé? Nọ́ńbà tí ẹ fi pamọ́ sí ara fóònù tàbí sí síìmù, tí kì í ṣe sí Google, kì í tẹ̀ lé àkáǹtì lọ. Bákan náà ni ìwé-ìfowópamọ́ orí fóònù: ẹ jáde kúrò nínú áàpù báńkì, bí báńkì yín bá sì so áàpù náà mọ́ fóònù kan ṣoṣo, ẹ tú u níbẹ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ tuntun.

WhatsApp nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lórí fóònù àtijọ́, ẹ lọ sí "Settings", "Chats", "Chat backup", kí ẹ tẹ "Back up", kí ẹ sì ka àdírẹ́sì Google tó wà níbẹ̀ dáadáa. Àdírẹ́sì yẹn gan-an àti nọ́ńbà fóònù yẹn gan-an ni ẹ ó nílò lórí tuntun kí ọ̀rọ̀ tó padà wá. Èmi tí mo ti lo àdírẹ́sì mìíràn, òfìfo ni WhatsApp mi wà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohùn ìyá ìyá mi, tó ti dolóògbé, wà nínú ohun tí mo rò pé ó ti lọ. Nígbà tí mo rí àkáǹtì àtijọ́ gbà padà, mo fi í sórí fóònù tuntun, mo yọ WhatsApp, mo tún un gbé wọlé, ó sì bá mi kó gbogbo rẹ̀ padà. Díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ohùn náà mọ́ láéláé.

Ohun kejì ni yíyọ àkáǹtì. Nínú Settings, ẹ wá "Passwords & accounts"; lórí fóònù mìíràn, "Accounts" tàbí "Users & accounts" ni wọ́n pè é. Ẹni tó ń lo Samsung yóò bá a ní "Accounts and backup", lẹ́yìn náà "Manage accounts". Ẹ tẹ orúkọ àkáǹtì Google, kí ẹ sì tẹ "Remove account". Bí àkáǹtì Google bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ yọ gbogbo wọn. Ẹ má gbàgbé àkáǹtì ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù fúnra rẹ̀: Samsung ní tirẹ̀, Xiaomi náà ní tirẹ̀, wọ́n sì lè ti fóònù mọ́ ẹni tó rà á gẹ́gẹ́ bí Google ti ṣe. Yíyọ àkáǹtì kúrò lórí fóònù kò pa àkáǹtì náà rẹ́. Bí ìgbà tí ènìyàn kó jáde nínú ilé háyà ni.

Ohun kẹta, ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì káàdì. Fífọ́mátì fóònù kì í sábà kan mẹ́mórì káàdì rárá, àwòrán tó wà lórí rẹ̀ yóò sì bá fóònù lọ bí ẹ bá fi sílẹ̀. Ti síìmù kò nílò àlàyé púpọ̀: òun ló so mọ́ nọ́ńbà NIN yín, òun sì ni báńkì yín mọ̀.

Ohun kẹrin ni fọ́mátì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ lọ sí "System", "Reset options", kí ẹ yan "Erase all data (factory reset)". Lórí Samsung, "General management", "Reset", "Factory data reset" ni. Yóò bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín, yóò kú, yóò sì jí bí ọmọ tuntun.

Ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń rà á

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró nìyí, mo sì rò pé ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí kò tíì dé. Ẹ tan fóònù náà lójú olùrà. Ẹ fi íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù tuntun yín fún un, nítorí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè bá Google sọ̀rọ̀ láti mọ ẹni tó ni ín. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí dé ojúewé tí wọ́n ti ń bèèrè àkáǹtì Google. Bí ẹ bá rí "Skip" níbẹ̀, fóònù náà ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí mo rí ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn, àkáǹtì kan ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í wọlé, ẹ padà sínú Settings, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tún fọ́mátì. Ẹ má ṣe fi àkáǹtì yín dán an wò nígbà tó bá ti mọ́; ẹ ó tún so ara yín mọ́ ọn ni.

Bí ẹ bá ti tà á ná láìyọ àkáǹtì ńkọ́? Ẹ lọ sí myaccount.google.com, ní "Security", ẹ ó rí "Your devices". Ẹ tẹ orúkọ fóònù náà kí ẹ sì yan "Sign out". Èyí yóò dí ọ̀nà tí fóònù náà fi ń dé inú ímeèlì àti àwòrán yín. Ó tún ṣeé ṣe láti pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ láti òkèèrè ní google.com/android/find, bí fóònù bá wà ní títàn tó sì ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì lè máa bèèrè àkáǹtì yín lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ẹ kò sì ní lè rí ibi tó wà mọ́. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ jọ pàdé, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ pásíwọ́ọ̀dù náà.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Òkè-Àfà. Mo yọ àkáǹtì, mo gba inú Settings fọ́mátì, a sì jókòó ti fóònù náà bí ẹni ń dúró de omi kó hó. Nígbà tí "Skip" jáde, ọmọbìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ka owó fún mi, mo gbé páálí fóònù lé wọn lọ́wọ́, mo sì kọ rìsíìtì: ọjọ́, iye owó, orúkọ àwa méjèèjì, àti nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Ọ̀gá náà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tì í bọ inú dúróò rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "èmi náà ní ọ̀kan nílé tí mo fẹ́ tà. Kò sí ẹni tó rántí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́."

Mo ní kí ó yí i padà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí di alẹ́ ọjọ́ Ajé.